Nítorí kọ́bọ̀ kan, wọ́n dá ìwé owó mi padà: ṣé Excel máa ń ṣi ìṣirò ṣe ni?

Ìyá Onítákàdá, Dùgbẹ̀

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mò ń kó ọjà fún ti dá ìwé owó mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ro owó-orí fáàtì tó wà níwájú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ ₦330.51, èmi sì kọ ₦330.50 sísàlẹ̀. Excel ló bá mi rò ó, mi ò fọwọ́ kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ṣé òun náà máa ń ṣi ìṣirò ṣe ni?

```
Ọjà        Iye         Fáàtì
Tákàdá     1,250.50     93.79
Bírò         845.30     63.40
Yíǹkì      2,310.90    173.32
Àpapọ̀      4,406.70    330.50
```

---

Kóòdù Òṣogbo

Mo ti mọ ohun tó fà á, mà. Kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú 0.1 bó ṣe rí gan-an. Òdo àti ení nìkan ló fi ń ka gbogbo nǹkan, 0.1 kì í sì í tán nínú irú òǹkà bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá pín 10 sí ọ̀nà mẹ́ta tí 3 ń tẹ̀ lé 3 lọ láìdúró. Ẹ wo ohun tí Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sọ:

```
>>> 0.1 + 0.2
0.30000000000000004
```

Ibẹ̀ ni kọ́bọ̀ yín bọ́ sí.

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Òótọ́ ni àbúrò wa sọ nípa 0.1, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé kọ́bọ̀ ìyá yìí. Ẹ ka ibi tí 4 yẹn wà: ipò kẹtàdínlógún lẹ́yìn pọ́ìntì ni. Ìwé owó onílà mẹ́ta kò lè kó irú rẹ̀ jọ títí tí yóò fi di kọ́bọ̀ kan.

Ìyá wa, ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì tí fáàtì tákàdá wà, ẹ ṣí Format Cells, kí ẹ sọ Decimal places di 4. 93.79 yóò di 93.7875. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bírò, yóò di 63.3975, yíǹkì yóò di 173.3175. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà yín gan-an nìyẹn, òun ló sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ ní kí Excel fi nọ́ḿbà méjì péré hàn lẹ́yìn pọ́ìntì, ojú lásán ló bá yín tún ṣe, kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú.

Nígbà tó wá kan àpapọ̀, ohun tó wà nínú ló rò pọ̀. Ó rí 330.5025, ó sì fi 330.50 hàn yín. Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè rí inú Excel yín. Ìwé ni ẹ fún wọn, 93.79, 63.40 àti 173.32 ni wọ́n bá nínú ìwé, wọ́n rò ó pọ̀, ó jẹ́ 330.51. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ rò ó re. Nọ́ḿbà tí ẹ rò ni kò jọra. Ojú ìlà kọ̀ọ̀kan fi ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́bọ̀ ju inú rẹ̀ lọ, nígbà tó sì di mẹ́ta, ó ti tó láti gbé àpapọ̀ bọ́ sórí kọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ kọ méjì yìí sí ibi tó ṣófo, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ḿbà mẹ́rin hàn lẹ́yìn pọ́ìntì:

```
=SUM(C2:C4)
=SUMPRODUCT(ROUND(C2:C4,2))
```

Àkọ́kọ́ ni ohun tí Excel ń rò, èkejì ni ohun tí oníbàárà ń rí. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ ti mú olè: ROUND, tó ń gé nọ́ḿbà sí kọ́bọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ni ẹ ó fi tún fáàtì ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe. Bí wọ́n bá dọ́gba tí oníbàárà ṣì ń kọ̀ ọ́, nǹkan mìíràn ni kí ẹ wá lọ, bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ tẹ nọ́ḿbà lé fọ́múlà lórí.

Òṣùwọ̀n kan tún wà tí mo fi ń mọ̀. Ìlà kan kò lè fi ju ìdajì kọ́bọ̀ yà kúrò lára ohun tó wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ náà sì ní ìdajì tirẹ̀. Fún ìlà mẹ́ta, kọ́bọ̀ 2 ni òpin rẹ̀. Fún ogójì ìlà, kọ́bọ̀ 20. Bí ìwé owó onílà mẹ́wàá bá fi náírà kan yàtọ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yìí lẹ́bi, ìdí mìíràn ló wà níbẹ̀.

---

Bàbá Aláṣọ

Ta ló ń ná kọ́bọ̀ mọ́? Èmi, bí aṣọ bá di ₦12,499.50, ₦12,500 ni mò ń gbà, kò sẹ́ni tó bá mi jà rí. Ẹ kọ ₦330 fún wọn kí wọ́n lọ.

---

Ìyá Onítákàdá, Dùgbẹ̀

Ẹ ṣé o, bàbá, àmọ́ kì í ṣe owó ọwọ́. Akọ̀wé wọn ló ń tẹ gbogbo ìlà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ló ń ro ó pọ̀ tó sì ń ní kò dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí owó mi ti há síbẹ̀. Bí mo bá kọ ₦330, á tún kọ̀ ọ́ ni.

Akáùntáǹtì, mo ṣe ohun tí ẹ sọ. Àkọ́kọ́ mú 330.5025 wá, èkejì mú 330.5100 wá. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú: fọ́múlà yìí kan náà ni mo ti ń lò láti 2016. Kí ló dé tí kò fi ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Ní 2016, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni fáàtì wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020 ló di 7.5. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún iye tí kò ní kọ́bọ̀. Ìdá 5 náírà kan jẹ́ kọ́bọ̀ 5 géérégé, nítorí náà iyekíye tó bá jẹ́ náírà lásán, fáàtì rẹ̀ kì í ní èérún. Ìdá 7.5 náírà kan jẹ́ kọ́bọ̀ 7 àti ààbọ̀. Bí iye ọjà bá jẹ́ ₦1,250, fáàtì rẹ̀ jẹ́ 93.75, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ₦1,251, ó di 93.825, ààbọ̀ kọ́bọ̀ sì ti yọ. Gbogbo náírà tí kò ṣeé pín sí méjì ló ń bí ààbọ̀ kọ́bọ̀ láti ìgbà náà.

Bí ọjà yín bá jẹ́ náírà lásán nígbà yẹn, fọ́múlà yín ní àbùkù láti 2016, kò kàn rí ohun tó máa gbé e jáde ni.

---

Ṣẹ́yẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń fi ROUND da ara yín láàmú? Ẹ lọ sí File, Options, Advanced, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Set precision as displayed sí, kí ẹ mú un. Ohun tó hàn ni Excel yóò máa lò nínú gbogbo fáìlì náà. Ìṣẹ́jú kan, ó ti parí.

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Ṣẹ́yẹ, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ìyá yóò sì rí 330.51. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn nọ́ḿbà tí a fọwọ́ tẹ̀ sínú fáìlì náà, ó ń gé ohun tí kò hàn lára wọn dànù pátápátá ni. Bí ẹ bá pa á padà lọ́la, ohun tó gé kò ní padà wá.

Mo ti bá a pàdé nínú fáìlì ẹnì kan. Ó fi ìdá fáàtì sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀, 7.5%, ó sì ṣe sẹ́ẹ̀lì náà kó má fi nǹkan kan hàn lẹ́yìn pọ́ìntì. Lójú, 8% ló ń hàn, kò sì ka ìyẹn sí nítorí ìṣirò rẹ̀ ń bọ́ sí i. Ó mú Set precision as displayed, 8% sì di 8% lóòótọ́. Lórí ₦4,406.70 ti ìyá yìí, fáàtì yóò di ₦352.54 dípò ₦330.50. Ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ kan ti wá fi ₦22.04 kún owó oníbàárà, kò sì sí ohun tó yí padà lójú sẹ́ẹ̀lì ìdá náà tí yóò fi mọ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

ROUND ń jẹ́ kí ẹ mú ibi tí ẹ fẹ́ gé nǹkan:

```
=ROUND(B2*0.075,2)
```

Ìdá fáàtì, iye pàṣípààrọ̀ dọ́là àti ìwọ̀n ọjà kò gbọ́dọ̀ gé. Owó tí ẹ máa kọ síwájú oníbàárà nìkan ni kí ẹ gé.

---

Ìyá Ẹlẹ́káàtọ̀n, Aba-Ọdẹ

Ó jọ tèmi o, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Páálí bísíkíìtì kan jẹ́ ₦10,000, 24 ló wà nínú rẹ̀. Mo pín in, Excel ní ẹyọ kan jẹ́ ₦416.67. Oníbàárà mú páálí 25, ìyẹn ẹyọ 600. Ìwé owó mi sọ pé ₦250,000. Òun fi 416.67 lọ́nà 600, ó rí ₦250,002. Náírà méjì gbáko! Ẹ sì ti ní kò lè ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ.

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Ẹ ti mú mi níbẹ̀, òṣùwọ̀n tí mo sọ kò kan tiyín. Tìyá onítákàdá, wọ́n kàn ń ro nǹkan tí a gé pọ̀ mọ́ra wọn. Tiyín, ẹ gé iye ẹyọ kan, oníbàárà sì fi 600 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́bọ̀ tí gígé náà fi kún ẹyọ kan, ìgbà 600 ló padà wá. Bí ẹyọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé owó.

ROUND kò sì ní wò ó fún yín. Bí ẹ bá gé 416.67 lóòótọ́, ẹ̀yin náà yóò gba ₦250,002 fún ọjà ₦250,000. Ohun tí ẹ ń tà ni páálí, páálí ni kí ẹ kọ: 25 lọ́nà ₦10,000. Bí oníbàárà bá takú pé ẹyọ ni òun fẹ́ rí, ẹ fi nọ́ḿbà mẹ́rin hàn, 416.6667. Tó bá fi 600 lọ́nà rẹ̀, yóò rí 250,000.02. Kọ́bọ̀ méjì ló kù, kò tán pátápátá.

---

Ọmọ Pẹ́kà, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni fáàtì wa, ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí níbí, fi kọ ọ́ sínú ìlànà. Bí o bá ro àpapọ̀ fáàtì orí ìwé owó, wọ́n gbà kí o ju ìdá pẹ́nì tó kù dànù, kí o mú un wá sílẹ̀ sí odidi pẹ́nì. Àmọ́ àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fún ará ìta kò ní àǹfààní yẹn, torí bí ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá ń ju ìdá pẹ́nì dànù nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, owó ìjọba ló ń dín kù.

Àpapọ̀ lèmi ń ro fáàtì lé lórí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò kọ fáàtì síwájú ìlà rárá. Kò sẹ́ni tó lè fi kakulétọ̀ rí ohun tí kò sí nínú ìwé. Mo rò pé ohun tó yẹ kí ìyá ṣe nìyẹn, kì í ṣe ROUND lórí ìlà.

---

Ará Kétu

Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ rọrùn díẹ̀: séfà kò ní sáńtíìmù tí a ń ná, ìdá 18 sì ni fáàtì. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì yà, odidi fáráǹkì kan ló ń yà.

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Ọmọ Pẹ́kà, ọ̀nà yín dáa fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kì í padà. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ìwé owó ìyá. Ẹ ro fáàtì lórí ₦4,406.70 lẹ́ẹ̀kan, ó di 330.50. Ilé-ẹ̀kọ́ wá dá bírò ₦845.30 padà. Fáàtì bírò jẹ́ 63.3975, ẹ dá 63.40 padà fún wọn. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn jẹ́ ₦3,561.40, fáàtì rẹ̀ jẹ́ 267.105, ẹ gé e sókè bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, ó di 267.11. Ẹ ro 63.40 àti 267.11 pọ̀: 330.51. Ẹ sì ti kọ 330.50 tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ̀ yẹn náà ló tún yọjú.

Bí ẹ bá gé e lórí ìlà, tí ẹ sì ro ohun tí ẹ gé pọ̀, 63.40 ni ẹ gbà, 63.40 ni ẹ dá padà, 267.11 tó kù sì jẹ́ 93.79 àti 173.32 gan-an. Ohun tó mú mi dúró lórí ìlà nìyẹn fún ẹni tí ọjà rẹ̀ máa ń padà, àti fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ rí fáàtì níwájú ọjà kọ̀ọ̀kan.

---

Ọmọ Pẹ́kà, Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti gba ₦330.51 lórí ọjà tí fáàtì rẹ̀ jẹ́ 330.5025 gan-an. Bí gbogbo ìlà yín bá ń bọ́ sókè bẹ́ẹ̀, oníbàárà ló ń san án. Lójú tèmi, fáàtì àpapọ̀ ló sún mọ́ òfin jù, ọjà tó bá sì padà, kí a tún gbogbo rẹ̀ rò, kí a dá ìyàtọ̀ méjèèjì padà: 330.50 yọ 267.11, ìyẹn 63.39.

---

Kóòdù Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Akáùntáǹtì, mo gbà pé ti 0.1 kọ́ ló ṣe ìyá. Àmọ́ ẹ wo 267.105 tí ẹ kọ yẹn: ó dúró sí àárín gbùngbùn kọ́bọ̀ méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti ń jà. Bí nọ́ḿbà tó wà nínú bá kéré ju ààbọ̀ lọ díẹ̀ báyìí, ní ipò kẹrìndínlógún pàápàá, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Ẹ wo JavaScript nígbà tí mo ní kó gé 1.005 sí nọ́ḿbà méjì lẹ́yìn pọ́ìntì:

```
(1.005).toFixed(2)   // "1.00"
```

Ọjà ₦13.40 ni fáàtì rẹ̀ jẹ́ 1.005 tí ẹ bá fi ọwọ́ rò ó. Ọwọ́ yóò mú 1.01, JavaScript mú 1.00. Àwọn èdè kan tún wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé ààbọ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ḿbà tó ṣeé pín sí méjì. Nínú Python, `round(2.5)` jẹ́ 2. Nínú Excel, `=ROUND(2.5,0)` jẹ́ 3. Tí 267.105 yín bá bọ́ sọ́wọ́ irú òfin ti Python, 267.10 ni, kọ́bọ̀ yín sì pé.

Ìyẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n níbi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì fún wa fẹ́ kí a fi odidi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe náírà. Mo fi 100 lọ́nà iye, mo sì gé ohun tó kù:

```
19.99 * 100             // 1998.9999999999998
parseInt(19.99 * 100)   // 1998
```

Kọ́bọ̀ kan bọ́ lọ, ìwé oníbàárà náà sì ń fi hàn pé kò tíì sanwó tán. Mo ti fi `Math.round` rọ́pò `parseInt`. Lẹ́yìn náà mo yí ibi tí à ń tọ́jú owó padà, kọ́bọ̀ lódidi ló wà níbẹ̀ báyìí, 1999. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi han èèyàn nìkan ni a ń fi 100 pín in.

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Mo gbà fún ẹ níbẹ̀, àbúrò. Lórí ààbọ̀ gbáko, ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ. Láti 2020 tí ìdá 7.5 ti ń bí ààbọ̀ lórí náírà tí kò ṣeé pín sí méjì, ààbọ̀ gbáko kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n mọ́. Bí sọ́fútíwià oníbàárà bá ń gbé ààbọ̀ lọ sí ibòmíràn ju Excel yín lọ, ROUND nìkan kò ní tó. Ẹ bi wọ́n bí tiwọn ṣe ń gé e.

---

Ìyá Onítákàdá, Dùgbẹ̀

Mo ti fi ROUND sí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 330.51 ló jáde, gbogbo owó náà sì di ₦4,737.21. Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, akọ̀wé wọn ní ó ti wọlé.

Ìwé owó mẹ́rìnlá mìíràn wà tí mo ti kọ fún àwọn ẹlòmíràn lọ́dún yìí, wọ́n ti sanwó wọn. Mo fi fọ́múlà kejì yẹn dán wọn wò, mẹ́fà ló yà, kọ́bọ̀ kan kan. Ṣé kí n tún wọn kọ ni?

---

Akáùntáǹtì Mọ́kọ́lá

Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ẹ bá fi ROUND sínú fáìlì tí ẹ ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ohun tó wà lọ́wọ́ yín yóò yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́wọ́ oníbàárà àti owó tó wọ báńkì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ tọ́jú PDF wọn, kí ẹ sì ṣe fáìlì tuntun tó ní ROUND fún ìwé owó tó ń bọ̀. Nínú ìwé ìṣirò yín, ẹ ní ìlà kan tí ẹ ó máa kọ irú kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kó má di pé ẹ ń wá a ní ìparí ọdún.

---

Ọmọ Pẹ́kà, Lọ́ńdọ̀nù

Lórí pé kí a má fọwọ́ kan èyí tó ti lọ, a jọ gbà. Lórí ìlà tàbí àpapọ̀, mi ò tíì kúrò níbi tí mo wà. Ẹni tó bá ní sọ́fútíwià tó ń rò ó lórí ìlà tí ọjà rẹ̀ sì ń padà lójoojúmọ́, kó wá sọ bí kọ́bọ̀ rẹ̀ ṣe ń rí lópin oṣù.